Kí Jákẹ́ẹ̀tì Wọlé, Kí Ojú Má Yí Padà

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìwé ìrántí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde ní ẹ̀ka wa, fọ́tò ló sábà máa ń dá iṣẹ́ dúró. Ìgbìmọ̀ olóòtú a ní kí oníkálukú mú fọ́tò tó ti wọ jákẹ́ẹ̀tì wá. Ẹni tí kò ní jákẹ́ẹ̀tì a yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ráyè dé sítúdíò a mú fọ́tò tó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì wá, a sì ní kí wọ́n bá òun fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Títí di ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹni tó mọ Photoshop lò dáadáa nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ yìí kó sì yọjú. Ní báyìí, ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè fi fọ́tò sínú ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá, kó kọ gbólóhùn kan tàbí méjì sí i, kí jákẹ́ẹ̀tì sì jáde. Gbólóhùn yẹn ni wọ́n ń pè ní prọ́ńpùtì. Ìtọ́ni ni èmi yóò máa pè é níbí.

Jákẹ́ẹ̀tì gan-an kọ́ ni ìṣòro, torí gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí ló mọ jákẹ́ẹ̀tì yà. Ohun tó ṣòro ni kí jákẹ́ẹ̀tì wọlé kí ojú ẹni náà má yí padà, kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì dúró bó ṣe wà. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn, fọ́tò kan tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí fún ìwé ìrántí ọdún yìí ni mo sì máa fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹni tó ni fọ́tò náà ni ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kíláàsì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ti ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá bá wa ní yunifásítì, wọ́n sì kọ pélé fún un ní kékeré: ilà kúkúrú mẹ́ta tó dúró ṣánṣán ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ya fọ́tò náà, níwájú pátákó ẹ̀ka wa. Ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú aláwọ̀ sánmà ló wọ̀, ó fi ọwọ́ òsì di fáìlì kan mú, oòrùn sì ń tàn sí i láti apá ọ̀tún àwòrán. Orúkọ ẹ̀ka wa wà lára pátákó ẹ̀yìn rẹ̀ ní lẹ́tà Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn lórí àti àmì ìsàlẹ̀. Bàbá Kíláàsì fẹ́ràn fọ́tò yìí gan-an. Ó gbà kí n lò ó, ó ní kí n ṣáà bá òun wọ jákẹ́ẹ̀tì sí i, "ṣùgbọ́n èmi ni kí wọ́n rí níbẹ̀ o."

Kí fọ́tò náà tó dé ọwọ́ mi, ọmọ kíláàsì wa kan ti gbìyànjú rẹ̀. Ohun tó kọ fún ẹ̀rọ nìyí:

```
Make him wear a nice professional suit
```

Ìyẹn ni pé kí ẹ̀rọ wọ súùtù tó dára, tó yẹ òṣìṣẹ́ ńlá, fún un. Súùtù jáde lóòótọ́, ó tilẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ojú ti dán bí ojú ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó kun pọ́dà, ewú inú irùngbọ̀n ti di dúdú, pátákó ẹ̀ka wa ti di ògiri aláwọ̀ eérú bíi ti sítúdíò, pélé sì ti pòórá pátápátá. Bàbá Kíláàsì wò ó títí, ó ní, "Ọmọ ta ni èyí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín tó wa. Ilà tí àwọn òbí rẹ̀ kọ sí i lójú kì í ṣe àbàwọ́n tí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ̀rọ bá òun nù kúrò.

Kí ló fà á? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bíi télọ̀ ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, pé ó ń gé ṣẹ́ẹ̀tì kúrò, ó ń rán jákẹ́ẹ̀tì sí ojú rẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan ibi yòókù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ayàwòrán ni, kì í ṣe télọ̀. Ńṣe ló ń wo fọ́tò yín bí ayàwòrán ṣe ń wo ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, tó sì ń ya gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sórí ìwé tuntun: aṣọ, ojú, pátákó, koríko, gbogbo rẹ̀. Bí ojú bá jọ ti tẹ́lẹ̀, àtúnyà ló jọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú àwọn ẹ̀rọ tí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ wọn wà ní gbangba, bíi Stable Diffusion, tàbí FLUX.1 Kontext tí ilé-iṣẹ́ Black Forest Labs gbé jáde ní 2025. Ohun àkọ́kọ́ tí irú ẹ̀rọ yìí ń ṣe ni pé ó ń fún fọ́tò pọ̀. Ó ń kó píksẹ́lì 8 ní ìbú àti 8 ní òró jọ sínú àpótí kékeré kan, ó sì ń fi ìwọ̀nba nọ́ńbà díẹ̀ dúró fún gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ láti inú rúdurùdu, irú èyí tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ máa ń gbé jáde nígbà tí kò bá sí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ètò síta. Ó ń fọ rúdurùdu náà díẹ̀díẹ̀ títí tí àwòrán fi máa hàn. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́, ohun méjì ló ń wò: fọ́tò yín tó ti fún pọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ. Nígbà tó bá parí, ó máa tú àwọn àpótí náà padà sí píksẹ́lì, òun lẹ máa rí lójú fóònù yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò Bàbá Kíláàsì. Bó ṣe jáde nínú fóònù, píksẹ́lì 4000 ni ìbú rẹ̀, 3000 ni òró. Ẹ̀rọ tí a lò sọ ọ́ di kékeré, ìbú 1024, òró 768. Àpótí 128 ní ìbú àti 96 ní òró nìyẹn. Bàbá dúró láàárín, ibi púpọ̀ ló ṣẹ́kù lọ́tùn-ún lósì, nítorí náà ojú rẹ̀ kò ju bíi píksẹ́lì 160 ní ìbú lọ. Àpótí 20 péré. Ilà pélé kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó píksẹ́lì 4, kò kún àpótí kan, ìdajì rẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá ń tú irú àpótí bẹ́ẹ̀ padà, kò ní ẹ̀rí tó tó lọ́wọ́ mọ́, ó máa méfò ni. Ohun tó sì rí jù láyé rẹ̀ ló máa fi méfò. Nínú àwọn fọ́tò tí wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò ní ilà ló pọ̀ jù, nítorí náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dán ló máa yà. Bákan náà ni àmì orí lẹ́tà àti àmì ìsàlẹ̀ lára pátákó wa ṣe rí. Wọ́n kéré ju àpótí lọ, ẹ̀rọ sì mọ lẹ́tà tí kò ní àmì ju èyí tó ní lọ.

Ìdí nìyí tí "má fọwọ́ kan ojú" nínú ìtọ́ni fi jẹ́ ẹ̀bẹ̀, tí kò jẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀bẹ̀ tó dára máa ń gbà, mo máa fi hàn yín bí a ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí á mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni.

Ẹ tún wo ìtọ́ni àkọ́kọ́ yẹn. Fọ́tò tó wá pẹ̀lú àkọlé rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí níṣẹ́. Fọ́tò tí wọ́n sábà máa ń kọ "professional" sí lábẹ́ ni fọ́tò sítúdíò, tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú, tí iná ń tàn síwájú, tí wọ́n sì ti dán ojú ẹni náà. Nígbà tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ yẹn, èrò yín ni pé súùtù lẹ ń júwe. Lójú ẹ̀rọ, gbogbo àwòrán ló ń júwe. Ọ̀rọ̀ náà tú sórí aṣọ, ó ṣàn dé ojú, ó sì ṣàn dé pátákó. "Nice" náà ṣe bẹ́ẹ̀, "handsome" àti "corporate" kò sì yàtọ̀. Èmi a máa pín ọ̀rọ̀ àpèjúwe sí méjì nígbà tí mo bá ń kọ ìtọ́ni. Àwọn kan ń dájọ́: ó dára, ó wuyì, ó gbayì. Àwọn kan sì ń sọ ohun tí ojú rí: ó jẹ́ àwọ̀ aró, bọ́tìnnì méjì ló ní, òwú àgùntàn ni wọ́n fi hun ún. Àwọn adájọ́ ló ń ba ojú ènìyàn jẹ́. Àwọn tó ń sọ ohun tí ojú rí kì í kúrò lára aṣọ, torí kò sí bí ojú ènìyàn ṣe máa ní bọ́tìnnì méjì.

Ọ̀rọ̀ "suit" náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì ni Bàbá bèèrè. Súùtù máa ń fa táì, ó máa ń fa ṣòkòtò, ó sì máa ń fa ìdúró ẹni tó wọ súùtù. Ọ̀rọ̀ ìṣe pẹ̀lú: ẹni tó bá kọ "transform" ti fún ẹ̀rọ láyè láti yí gbogbo nǹkan padà. "Replace" tàbí "change" tó bá tọ́ka sí ohun kan pàtó ni mo máa ń lò.

Ìtọ́ni tí mo kọ ní apá mẹ́ta. Apá àkọ́kọ́ sọ ohun tó ń lọ àti ohun tó ń bọ̀:

```
Replace the man's sky-blue short-sleeved shirt with a plain
navy blue wool jacket, single-breasted, two buttons, unbuttoned,
over a plain white shirt with an open collar and no tie.
The sleeves reach his wrists. His left hand still holds the file.
```

Ẹ kíyè sí i pé mo kọ́kọ́ dárúkọ ṣẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ àti bí apá rẹ̀ ṣe gùn tó, kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tí iṣẹ́ wà. Lẹ́yìn náà ni mo júwe jákẹ́ẹ̀tì: àwọ̀ aró tó ṣú, òwú àgùntàn, ojú kan, bọ́tìnnì méjì tí a kò dè. Mo sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, torí jákẹ́ẹ̀tì tí a kò dè gbọ́dọ̀ fi nǹkan hàn láyà, bí a kò bá sì sọ ọ́, ẹ̀rọ máa yan táì fún wa. Gbólóhùn méjì tó gbẹ̀yìn ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú fi ọwọ́ sílẹ̀ gbalaja, jákẹ́ẹ̀tì sì máa bò ó, nítorí náà ẹ̀rọ ní láti pinnu ibi tí apá aṣọ máa dé. Bó bá ń pinnu, ó lè tún ọwọ́ yà, kó gba fáìlì lọ́wọ́ Bàbá, tàbí kó fún un ní ìka mẹ́fà. Mo bá a pinnu ṣáájú: apá aṣọ dé ọrùn ọwọ́, ọwọ́ òsì ṣì di fáìlì mú.

Apá kejì jẹ́ ti ojú:

```
Keep his face and neck exactly as in the original photo: same
features, expression, age, skin tone, wrinkles, grey beard, and
the three short vertical marks on each cheek.
```

"Keep his face the same" nìkan kì í sábà tó, torí "ojú" jẹ́ ohun ńlá tí ẹ̀rọ lè rò pé òun ti pa mọ́ níwọ̀n ìgbà tí imú àti ẹnu bá ti jọra. Ohun tí ẹ mọ̀ pé ó máa fẹ́ sọ nù ni kí ẹ dárúkọ. Fún Bàbá Kíláàsì, ọjọ́ orí ni, àwọ̀ ara ni, ìhunjọ iwájú orí ni, ewú ni, pélé sì ni. Fún ẹlòmíràn ó lè jẹ́ èjí, àpá, tàbí ìgò ojú. Mo fi ọrùn kún un, torí ibẹ̀ ni ààlà wà. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì àti ti jákẹ́ẹ̀tì kò rí bákan náà, ẹ̀rọ á sì tún ọrùn yà láti bá kọ́là tuntun mu, bó bá sì ti tún ọrùn yà, ó lè gba ibẹ̀ dé àgbọ̀n. Ẹ tún wo bí mo ṣe kọ pélé. N kò kọ "pélé", n kò sì kọ "tribal marks", torí ọ̀rọ̀ yẹn lè mú ẹ̀rọ fa ilà kalẹ̀ bó ṣe wù ú. Iye rẹ̀, gígùn rẹ̀, ìdúró rẹ̀ àti ibi tó wà ni mo kọ.

Apá kẹta jẹ́ ti ẹ̀yìn:

```
Keep everything behind him exactly the same, including the
signboard and its lettering. Same framing, same pose, same
sunlight from the right.
```

Oòrùn tó wà níparí yẹn ló ń jẹ́ kí jákẹ́ẹ̀tì jọ èyí tó wọ̀ lóòótọ́. Jákẹ́ẹ̀tì tí iná sítúdíò tàn sí, lára ẹni tó dúró nínú oòrùn ọ̀sán, á dà bí aṣọ tí wọ́n gé láti inú ìwé ìròyìn. Ìdúró àti ìwọ̀n àwòrán náà ṣe pàtàkì, mo sì máa padà sí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹnìkan máa bi mí pé, nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka Yorùbá, kí ló dé tí mo fi ń kọ ìtọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ̀yà ara FLUX.1 Kontext tó ń ka ọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Bí ẹ bá kọ Yorùbá sí i, òye tó máa rí níbẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbọ́ èdè tí kò gbọ́ rí lọ. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ènìyàn lè bá sọ̀rọ̀ gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ẹ lè dán an wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dán an wò, ẹ má kọ "kóòtù" lásán. Kóòtù tí a ń wọ̀ àti kóòtù tí adájọ́ ń jókòó sí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jẹ́ lẹ́nu wa. "Aṣọ" náà gbòòrò jù, torí pé fìlà nìkan ló kù kó má kó mọ́ ọn.

Mo fi apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Jákẹ́ẹ̀tì wọlé, Bàbá Kíláàsì sì ṣì jẹ́ Bàbá Kíláàsì: ewú padà, ọjọ́ orí padà, pátákó wà lẹ́yìn rẹ̀. Pélé mẹ́ta pé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Ní ìkejì, méjì péré ló jáde, ìkẹta sì dà bí òjìji. Lára pátákó, lẹ́tà dúró ṣùgbọ́n àmì ìsàlẹ̀ ti ré bọ́. Ọ̀rọ̀ ti ṣe ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ìṣirò àpótí ló kù.

Mo padà sí fọ́tò àkọ́kọ́, mo gé ìhà ọ̀tún àti òsì àti díẹ̀ nísàlẹ̀ kúrò, ó ku 2600 ní ìbú àti 2600 ní òró, Bàbá láti orí dé ìgbáròkó pẹ̀lú fáìlì rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ sọ èyí di 1024, ojú Bàbá fẹ̀ tó nǹkan bíi 246, ìyẹn bíi àpótí 31 dípò 20, ilà kọ̀ọ̀kan sì di bíi píksẹ́lì 6. Ìtọ́ni kan náà ni mo fi ránṣẹ́, n kò yí ọ̀rọ̀ kankan padà. Pélé jáde ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tí ojú rẹ̀ kéré nínú fọ́tò kò ní rí èrè kankan nínú kíkọ "exactly" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kí ó gé fọ́tò súnmọ́ ọn ni.

Síbẹ̀, jíjọ kọ́ ni jíjẹ́ bákan náà, ojú ènìyàn kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún irú àyẹ̀wò yìí. GIMP ni mo máa ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Mo ṣí fọ́tò tí mo gé, mo lo `Open as Layers` láti gbé èyí tí ẹ̀rọ ṣe lé e lórí, mo mú kí ìwọ̀n méjèèjì dọ́gba, mo sì yí `Mode` ti òkè sí `Difference`. Ibi tí méjèèjì bá ti bára mu á dúdú bí èédú, ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ á tàn. Ó yẹ kí jákẹ́ẹ̀tì tàn, òun la sì fẹ́. Ibi yòókù máa ní ìmọ́lẹ̀ ṣìkìṣìkì tó rẹlẹ̀, torí àtúnyà ni, ìyẹn kò burú. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni ìlà tó mọ́lẹ̀ yípo etí, àgbọ̀n tàbí lẹ́tà. Ìyẹn ni pé orí ti sún kúrò ní ààyè rẹ̀, tàbí ó ti tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí kò bá sí irú ìlà bẹ́ẹ̀, a lè sọ ẹ̀bẹ̀ di kọ́kọ́rọ́ wàyí. Mo yí `Mode` padà sí `Normal`, mo gbé fọ́tò àkọ́kọ́ wá sókè, mo tẹ `Add Layer Mask`, mo yan `White (full opacity)`, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú tí etí rẹ̀ rọ̀ kun orí ṣẹ́ẹ̀tì àti apá. Ibikíbi tí mo bá kun, fọ́tò àkọ́kọ́ á là, jákẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ á sì yọ jáde. Ibi tí n kò kun, píksẹ́lì tí kámẹ́rà yà gan-an ló wà níbẹ̀: ojú Bàbá Kíláàsì fúnra rẹ̀, pélé tirẹ̀, àti àmì ohùn lára pátákó wa láìku ẹyọ kan. Abẹ́ kọ́là ló gba sùúrù. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni mo fi tọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn, mo sì jẹ́ kí ààlà bọ́ sínú òjìji kọ́là, níbi tí ojú kì í ti í tètè rí i.

Ẹ lè wá sọ pé bí búrọ́ọ̀ṣì bá lè ṣe gbogbo èyí, kí la tún ń wá ìtọ́ni tó dáa fún? Torí pé ojú àtijọ́ kò lè jókòó sórí ara tó ti yí padà. Bí ẹ̀rọ bá ti yí orí díẹ̀, tí ó bá gbé èjìká sókè, tàbí tó mú oòrùn wá láti òsì, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó máa rán an pọ̀. Ìdí tí mo fi kọ "same framing, same pose, same sunlight" nìyẹn. Iṣẹ́ ìtọ́ni ni láti mú kí àtúnyà súnmọ́ fọ́tò àkọ́kọ́ débi tí ojú àkọ́kọ́ á fi lè padà sí ààyè rẹ̀. Bí orí bá sún púpọ̀, mo máa ń tún ìtọ́ni fi ránṣẹ́ ni, n kì í fa ojú ènìyàn lọ fà á bọ̀. Inú fọ́tò àkọ́kọ́ ni mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, n kì í fi èyí tí ẹ̀rọ ti ṣe ránṣẹ́ padà fún un, torí àtúnyà orí àtúnyà ni, ojú á sì máa jìnnà sí olójú ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ibì kan wà tí "ẹ̀yìn kò yí padà" kò lè jẹ́ òótọ́ tán. Èjìká jákẹ́ẹ̀tì fẹ̀ ju ti ṣẹ́ẹ̀tì lọ, ó máa bo díẹ̀ lára pátákó, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló le. Apá ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá fẹ́ síta lápá òsì, jákẹ́ẹ̀tì sì lẹ̀ mọ́ ara níbẹ̀, àlàfo wá ṣẹ́kù láàárín aṣọ àtijọ́ àti tuntun. Kámẹ́rà kò rí ohun tó wà lẹ́yìn àlàfo yẹn rí, nítorí náà ohun tí ẹ̀rọ méfò ló máa wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ koríko, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ lẹ́tà lára pátákó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ fi ọwọ́ tún un kọ.

Fọ́tò fún ìwé ìrántí ni gbogbo èyí o. Fún ìwé àṣẹ, ẹ má dán an wò. Ìjọba Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, sọ ọ́ kedere pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọgbọ́n àtọwọ́dá tàbí ohun èlò orí fóònù yí fọ́tò pásípọ́ọ̀tù padà. Bí fọ́tò náà kì í bá sì í ṣe tiyín, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kankan, torí ojú rẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀.

Mo fi èyí tó parí han Bàbá Kíláàsì lórí kọ̀ǹpútà, mo sì sún un mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ dáadáa. Ó ka ilà náà lẹ́nu, mẹ́ta níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ó wá bi mí bóyá àwọ̀ jákẹ́ẹ̀tì náà wà ní ọjà, kí òun lọ ra ti gidi.